Kí ló dé tí ìdáhùn fi ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń dín h kù?

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ fún mi bí nǹkan kan ṣe ń yára yí padà sí, láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ yanjú kálíkúlọ́ọ̀sì rẹ̀. Sẹ́ńtírà dífárẹ́ńsì ni wọ́n ní kí n lò: ẹ mú ìgbésẹ̀ kékeré kan tí a pè ní h, ẹ fi kún x kí ẹ wá ìdáhùn fọ́ńkíṣọ̀n níbẹ̀, ẹ yọ h kúrò lára x kí ẹ wá ìdáhùn ibẹ̀ náà, ẹ yọ ìdáhùn kejì kúrò nínú èkíní, kí ẹ wá fi 2h pín in.

Kí n tó lò ó fún iṣẹ́ gan-an, mo kọ́kọ́ dán an wò lára ohun tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo lo log10 níbi tí x ti jẹ́ 2. Ìdáhùn tó yẹ kó jáde ni 0.2171472. Kóòdù náà rèé:

```python
from math import log10
x = 2.0
for k in range(1, 17):
    h = 10.0**-k
    print(h, (log10(x+h) - log10(x-h)) / (2*h))
```

Nígbà tí h jẹ́ 0.1, ó fún mi ní 0.217328. Bí h ṣe ń kéré sí i ni ó ń sún mọ́ òdodo, inú mi sì dùn. Àmọ́ nígbà tó dé `1e-12`, fígọ̀ karùn-ún lẹ́yìn pọ́ìntì ti yapa. Nígbà tó fi máa dé `1e-16`, 0.0 pátápátá ló tẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé kí h máa lọ sí òdo. Ṣé Páítọ̀n ló ní àléébù ni, àbí kọ̀ǹpútà mi?

Kọ̀ǹpútà Aláàfíà

Àbúrò, kò sí ohun tó ṣe é. Páítọ̀n ló ń ké nọ́ńbà kúrú nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́ síta. Fi `'%.20f'` sí i, wàá rí gbogbo fígọ̀ tó kù.

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Fígọ̀ pọ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. 0.0 yẹn sì wá di 0.00000000000000000000.

Sọ́fítíwià Ògo Olúwa

Má da ara rẹ láàmú. `1e-8` ni h tí gbogbo ayé ń lò. Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú nǹkan bíi fígọ̀ 16, ẹ wá rúùtù `1e-16`, `1e-8` ni. Fi síbẹ̀, kí o má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi kì í lo nǹkan mìíràn.

Tíṣà Máàtì Àná

Ẹ kú àjọṣe o. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìṣirò níbí ní Òṣogbo kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yìí sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ẹni tó bá ṣì ní fọ́ọ̀-fígọ̀ tébù tí a ń lò ní sẹ́kọ́ńdírì, kó lọ gbé e wá, kó ṣí i sí ojú ewé lọ́ọ̀gì.

Ìbéèrè kan náà ni a ó bi tébù náà: báwo ni log ṣe ń yí sí níbi 2? Ẹ jẹ́ kí h jẹ́ 0.5. Log 2.5 jẹ́ 0.3979, log 1.5 jẹ́ 0.1761. Ẹ yọ ọ́, 0.2218 ni. 2h jẹ́ 1, nítorí náà 0.2218 náà ni ìdáhùn. Òdodo ni 0.2171, a ti ju ú lọ díẹ̀.

Ẹ wá dín h kù sí 0.1. Log 2.1 jẹ́ 0.3222, log 1.9 jẹ́ 0.2788. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.0434, ẹ fi 0.2 pín in, 0.2170. Ó dára gan-an.

Ẹ tún dín in kù sí 0.01. Log 2.01 jẹ́ 0.3032, log 1.99 jẹ́ 0.2989. Ẹ wo ohun tó kù lẹ́yìn ìyọkúrò: 0.0043. Fígọ̀ mẹ́rin la mú wọlé, méjì péré ló kù lọ́wọ́ wa. Ẹ fi 0.02 pín in, 0.2150 ni. Ó ti burú ju ti 0.1 lọ. Tí ẹ bá wá gé log 2.001 àti log 1.999 sí fígọ̀ mẹ́rin, 0.3012 àti 0.3008 ni wọ́n. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.0004 lọ, ìdáhùn sì di 0.2000. Fígọ̀ kan ṣoṣo la fi ń dáhùn báyìí.

Àléébù kankan kò sí lára tébù náà. Kò parọ́ fún wa ní ìlà kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni a ń yọ kúrò lára ara wọn. Àwọn fígọ̀ iwájú tó dá wa lójú ń pa ara wọn rẹ́, àwọn fígọ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n ti gé ló kù fún wa láti jẹ. Kọ̀ǹpútà rẹ, ọmọ mi, fọ́ọ̀-fígọ̀ tébù náà ni, àfi pé tirẹ̀ ní fígọ̀ bíi 16.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àpẹẹrẹ yín ti là á yé wọn. Kí n kàn fi ìwọ̀n sí i, torí ìwọ̀n yẹn ló máa sọ h tó yẹ.

Àṣìṣe méjì ló ń bá ara wọn jà níbí. Èkíní jẹ́ ti fọ́múlà fúnra rẹ̀: ó rò pé ìlà tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà pẹ̀lú ojú ibi tí a wà. Àṣìṣe yìí ń lọ pẹ̀lú h lọ́nà méjì, h × h. Fún log níbi 2, ó tó 0.018 × h². Tí h bá jẹ́ 0.5, nǹkan bíi 0.0045 ni; tí ó bá jẹ́ 0.1, 0.00018 ni. Bí ẹ bá dín h kù ní ìlọ́po 10, àṣìṣe yìí dín kù ní ìlọ́po 100. Apá yìí ni wọ́n kọ́ yín ní kíláàsì.

Èkejì jẹ́ ti gígé nọ́ńbà. Nínú tébù Bàbá, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè fi 0.00005 yà kúrò lójú òdodo, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Nọ́ńbà méjì la yọ, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ lè tó 0.0001, a sì fi 2h pín in. Ó di 0.00005 ÷ h. Tí h bá jẹ́ 0.1, kò ju 0.0005 lọ. Tí h bá jẹ́ 0.01, ó lè tó 0.005. Èyí ń pọ̀ sí i bí h ṣe ń kéré.

Ẹ kó méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá ibi tí àpapọ̀ wọn ti kéré jù. Tí ẹ bá pe ìwọ̀n gígé ní d, tí ẹ sì pe ìyípadà ìpele kẹta fọ́ńkíṣọ̀n náà ní M, h tó dára jù ni:

```
h = (3*d/M)**(1/3)
```

Fún tébù yẹn, d jẹ́ 0.00005, M jẹ́ nǹkan bíi 0.109. Ẹ ṣe é, h jẹ́ 0.11. Ẹ ṣàkíyèsí pé 0.1 ló fún Bàbá ní ìdáhùn tó dára jù. Ẹ wá fi ti kọ̀ǹpútà rọ́pò d, nǹkan bíi `2.8e-17` fún nọ́ńbà tó wà nítòsí 0.3. h yóò jẹ́ `9e-6`, ẹ kúkú lo `1e-5`. Àṣìṣe tó kù níbẹ̀ kò ju ìpele `1e-11` lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sọ́fítíwià, `1e-8` yín kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n fọ́múlà mìíràn ló ni ín. Ẹni tó ń lo ẹ̀gbẹ́ kan péré, (f(x+h) − f(x)) ÷ h, òun ni rúùtù yẹn bá mu, torí pé àṣìṣe fọ́múlà tirẹ̀ ń lọ pẹ̀lú h lásán. Fún sẹ́ńtírà, kúùbù rúùtù ni, h sì gbọ́dọ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá lo `1e-8` nínú sẹ́ńtírà, ẹ ó rí nǹkan bíi fígọ̀ mẹ́jọ tó jẹ́ òtítọ́. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ nǹkan bíi fígọ̀ mẹ́ta nù, ẹ sì ti san owó ìṣirò tó yẹ kó mú wọn wá.

Sọ́fítíwià Ògo Olúwa

Mo gbà fún yín ní ti sẹ́ńtírà, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló wá dé tó fi tẹ 0.0 ní `1e-16`? Gígé nọ́ńbà yẹ kó fún un ní ìdáhùn rádaràda, kì í ṣe òdo gbáko.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Ìbéèrè tó dáa ni. Níbẹ̀ yẹn, x fúnra rẹ̀ ni kò mì. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà. Lẹ́yìn 2, èyí tó kàn tó lè tọ́jú jẹ́ 2 + `4.4e-16`. Ṣáájú 2, èyí tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ 2 − `2.2e-16`. Tí ẹ bá ní kó fi `1e-16` kún 2, kò rí ibì kankan gbé e sí, ó padà sí 2. Tí ẹ bá yọ ọ́, ó tún padà sí 2. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ fún log10 lẹ́ẹ̀mejì.

Kó tó débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò kàn hàn ni. Ẹ tẹ èyí wò:

```python
>>> (2 + 1e-12) - 2
1.000088900582341e-12
```

Ẹ rò pé h yín jẹ́ `1e-12`, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ tí ẹ gbé gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ wá fi `2e-12` pín nígbà tí ìgbésẹ̀ gidi kì í ṣe ìyẹn. Fún ìdí èyí, mo máa ń kọ ọ́ báyìí:

```python
xp, xm = x + h, x - h
D = (f(xp) - f(xm)) / (xp - xm)
```

Ìyẹn ń mú àṣìṣe tó wà lára h kúrò. Èyí tó wà lára f ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà kò sọ `1e-12` di h tó dára. Ó kàn ń jẹ́ kí ohun tí ẹ fi pín bá ohun tí ẹ rìn mu.

Táńkì Dàdá Ẹ̀sítéètì

Ẹ má bínú pé mo já lù yín. Èmi ò lo log rárá. Mo ní sẹ́ńsọ̀ lórí táńkì omi ilé mi, tí `Arduino Uno` ń kà. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń kọ bí omi ṣe ga sí, ní sẹ̀ǹtímítà, láìsí pọ́ìntì. Mo fẹ́ mọ bí omi ṣe ń yára gun nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, kí n lè tètè mọ̀ bí kànga bá ti ń gbẹ. Sẹ́ńtírà dífárẹ́ńsì náà ni mo lò, ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn àti ìṣẹ́jú kan síwájú. Ohun tó ń fún mi ni 0, 0.5, 0.5, 0, 0.5, 0.5. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo fi ojú ara mi wo táńkì, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni omi ń gun. Ṣé kí n ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn ni, àbí kí n jẹ́ kó máa kà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá kó lè péye sí i?

Tíṣà Máàtì Àná

Ẹ má kà á lemọ́lemọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣirò yìí, ẹ̀yin Táńkì. Ìyẹn ni h tó ń kéré sí i. Ó máa túbọ̀ burú ni.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n tiyín ṣe é. Ká ní omi ń gun ní 0.3 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, 0.6 ló gun, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ yín kò mọ 0.6. Nígbà mìíràn yóò sọ pé kò gun rárá, nígbà mìíràn yóò sọ pé sẹ̀ǹtímítà kan ni. Ẹ fi 2 pín in, 0 tàbí 0.5 ni ẹ ó máa rí títí láé. Sẹ́ńsọ̀ yín kò bàjẹ́.

Ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn àti mẹ́wàá síwájú. Omi á ti gun ní sẹ̀ǹtímítà 6, sẹ́ńsọ̀ á sọ pé 6, tàbí kó fi kan dín tàbí kan lé. Ẹ fi 20 pín in, ìdáhùn yín á wà láàárín 0.25 sí 0.35. d tiyín jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ó tóbi, h sì gbọ́dọ̀ tóbi bá a.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ dárúkọ Uno: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò log ti ìṣáájú lórí rẹ̀, kó mọ̀ pé `double` níbẹ̀ kò ju báìtì mẹ́rin lọ, bíi fígọ̀ méje. h tó dára jù fún log10 níbi 2 á wá di nǹkan bíi 0.007. Ẹni tó gbé `1e-5` láti orí láptọ́ọ̀pù lọ síbẹ̀ yóò rí èèmọ̀.

Táńkì Dàdá Ẹ̀sítéètì

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lára àkọsílẹ̀ àná. Ó ti dúró jẹ́ẹ́, láàárín 0.25 sí 0.35 bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀: ìṣẹ́jú tí wọ́n mú iná lọ, tí pọ́ǹpù dúró lójijì, ìṣirò náà kò rí i lójijì. Láti bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé eré tí omi fi ń gun ń rọra dín kù, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí. h² tí mo sọ ní ìṣáájú dúró lórí pé kí ìlà náà máa tẹ̀ lọ́nà tó dán. Ibi tí pọ́ǹpù ti dúró, ìlà ya ni, M kò sí níbẹ̀ rárá, kò sì sí h tó lè tún un ṣe. Ẹ gé àkọsílẹ̀ sí méjì níbẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí fèrèsé h yín, láti ẹ̀yìn dé iwájú, kọjá ojú ibi tó ti ya. Ẹ mọ àsìkò tí iná lọ, ẹ lò ó.

Ìyá Sitatísíìkì

Mo lòdì díẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ń lo kíka méjì nínú mọ́kànlélógún, tí ẹ sì da mọ́kàndínlógún tó kù nù? Ẹ fa ìlà tó bá gbogbo wọn mu jù láàárín ìṣẹ́jú ogún yẹn, kí ẹ mú ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àṣìṣe gígé á pa ara rẹ̀ rẹ́ lára wọn, ẹ ò sì ní nílò kí fèrèsé yín gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Tí àṣìṣe kíka kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, ẹ jàre, ìyá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe gígé sí sẹ̀ǹtímítà kì í dá dúró nígbà tí omi bá ń gun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kíka mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn á jẹ́ nọ́ńbà kan náà, àṣìṣe ọ̀kan á sì máa tẹ̀lé ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Èrè tí ẹ ń retí lè má tó bí ẹ ṣe rò.

Ìyá Sitatísíìkì

Ó lè má tó, ṣùgbọ́n á ju òdo lọ. Kí wọ́n gbìyànjú méjèèjì lórí àkọsílẹ̀ kan náà, ká fi wéra.

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo fi `1e-5` sí i, ìdáhùn log mi sì bá òdodo mu títí dé fígọ̀ kẹwàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ sínú iṣẹ́ mi gan-an, pẹ̀lú `1e-5` kan náà, 0.0 ló ń tẹ̀ ṣáá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó kàn máa ju 3 sílẹ̀, kó tún padà sí 0.0. x mi jẹ́ bíi 3.76, nítorí náà kì í ṣe pé x kò mì.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Kí ni fọ́ńkíṣọ̀n náà? Báwo ni ó ṣe ń rí ìdáhùn rẹ̀?

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Gọ́tà oníkọnkéré ni, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ 0.002, n ti fọ́múlà Manning, ìyẹn ìwọ̀n bí ara gọ́tà ṣe rí págunpàgun tó, jẹ́ 0.015. Mo fẹ́ mọ̀ pé tí omi òjò tó ń wọ inú rẹ̀ bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, báwo ni ó ṣe máa ga sí i tó. Fọ́múlà Manning ń fúnni ní omi tó ń kọjá tí a bá mọ gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n gíga ni mo fẹ́ láti inú omi tó ń kọjá. Nítorí náà mo ń fi báísẹ́kíṣọ̀n, ìyẹn pípín àlàfo sí méjì léraléra, wá gíga náà láàárín 0 sí mítà 4, mo sì dúró nígbà tí àlàfo bá ti kéré ju `1e-4` mítà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ti pọ̀ tó fún gọ́tà.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Níbẹ̀ ló wà. Ó pọ̀ tó fún gọ́tà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó fún ìyọkúrò. Ẹ gbàgbé fígọ̀ 16 kọ̀ǹpútà. Fọ́ńkíṣọ̀n yín ti gé ìdáhùn fúnra rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńtírà dífárẹ́ńsì. Mítà 4 tí ẹ pín sí méjì nígbà 16 jẹ́ `6.1e-5` mítà. Gíga tí fọ́ńkíṣọ̀n yín lè sọ jẹ́ àtẹ̀gùn oní-`6.1e-5`, kò sí ohun tó wà láàárín wọn. Ẹ wá fi h `1e-5` sí i: gíga òdodo kò yí ju `4e-6` lọ, ọ̀tún àti òsì wà lórí àtẹ̀gùn kan náà, ìyàtọ̀ jẹ́ 0.0. Ìgbà tí ó bá bọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn, `6.1e-5` ÷ `2e-5`, 3.05 nìyẹn. 3 yín rèé.

d yín jẹ́ ìdajì àtẹ̀gùn yẹn, `3e-5`. M kéré, mo fojú bù ú sí 0.0038 nítòsí ibẹ̀. Ẹ fi sínú ìlà tí mo kọ lókè, h máa jẹ́ 0.29 tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹ lo 0.25. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdá kan nínú mẹ́rin kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá, kì í ṣe `1e-5`. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí báísẹ́kíṣọ̀n ṣiṣẹ́ dé `1e-12`, ìgbà 42 dípò 16, kò wọ́n. h á wá lè sọ̀kalẹ̀ sí 0.001.

Nọ́ńbà Oníméjì

Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ọ̀nà kan wà tí ìyọkúrò kò sí rárá. Ẹ fi nọ́ńbà kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ṣe é: ẹ gbé h sí apá `j`, kí ẹ sì mú apá `imag` ìdáhùn.

```python
import cmath
h = 1e-20
print(cmath.log10(2 + h*1j).imag / h)
```

h lè kéré bó ṣe wù ú. Ẹ wò ó, ó bá 0.2171472 mu títí dé òpin fígọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí gọ́tà, ẹ̀gbọ́n. Ó kọ̀. Ibi tí báísẹ́kíṣọ̀n ti ń béèrè bóyá nǹkan kan tóbi ju òmíràn lọ ló ti dúró, ó ní a kì í fi kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì wéra.

Nọ́ńbà Oníméjì

Òótọ́ ni. `<` àti `abs` máa ń bà á jẹ́. Fọ́múlà tó lọ tààrà ló bá mu.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi ronú kan ọ̀nà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Fọ́múlà Manning lọ tààrà láti gíga sí omi tó ń kọjá. Ẹ yí iṣẹ́ náà padà. Ẹ wá bí omi ṣe ń pọ̀ sí i fún gíga, kí ẹ wá fi ìdáhùn pín 1. Ní gíga mítà kan, omi tó ń kọjá jẹ́ 3.756. Mo fi h ńlá, 0.1, ṣe é: ní mítà 1.1 ó jẹ́ 4.26215, ní 0.9 ó jẹ́ 3.26104. Ìyàtọ̀ wọn fi 0.2 pín jẹ́ 5.0056, 1 fi ìyẹn pín jẹ́ 0.1998. Òdodo tí mo fi ọwọ́ ṣe jẹ́ 0.1997. Kò sí báísẹ́kíṣọ̀n níbẹ̀ tó máa gé nǹkan kan, ẹ sì lè mú h sọ̀kalẹ̀ sí `1e-5` láìsí wàhálà.

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Èyí dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sọ pé ní ìpele tó kàn, a máa so gọ́tà mẹ́ta pọ̀ mọ́ kọ́fáàtì, gíga ti ọ̀kan á máa ti ti èkejì. Mi ò lérò pé mo lè yí ìyẹn padà tààrà.

Tíṣà Máàtì Àná

Tí ẹ kò bá mọ d, tí ẹ kò sì mọ M, ẹ máa gé h sí ìdajì, kí ẹ sì máa wo bí ìdáhùn ṣe ń sún. Fún log lórí kọ̀ǹpútà, h 0.2 fún wa ní 0.217875, 0.1 fún wa ní 0.217328, 0.05 fún wa ní 0.217192. Ó sún ní 0.000547, ó tún sún ní 0.000136. Ìdá mẹ́rin ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dín kù sí ìdá mẹ́rin, fọ́múlà ló ni àṣìṣe náà, ẹ lè máa gé e lọ. Ìgbà tí sísún náà bá kọ̀ láti dín kù, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò síwá fò sẹ́yìn, ẹ ti dé ibi tí gígé nọ́ńbà ti gba ìjọba. Ẹ padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì.

Ọmọ Òkè Báálẹ̀

Mo ti ṣe é lórí gọ́tà kan ná, pẹ̀lú báísẹ́kíṣọ̀n `1e-4` bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, láti h 1 sísàlẹ̀. Kò tíì ju ìgbà bíi mẹ́ta lọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, nítòsí 0.25 gan-an. Mo ti ń mú báísẹ́kíṣọ̀n lọ sí `1e-12` báyìí. Ohun tó kù tí mi ò tíì mọ̀ ni ti kọ́fáàtì: nígbà tí omi bá kún un dé òkè, ìlà náà ń ya bíi ti pọ́ǹpù ẹ̀gbọ́n Táńkì. Ṣé ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ rí, tó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí h mọ̀ pé òun ti sún mọ́ ibẹ̀?